Wọ́n ju sítétímẹ́ǹtì sí yín láìsọ nǹkan kan: àwọn àṣìṣe tẹ́ ẹ̀ ń ṣe

Wọ́n tún ti ṣe é lánàá. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwé owó lọ́dọ̀ mi ní Yábà, kásítọ́mà ju PDF sí i lórí Wásáàpù, sítétímẹ́ǹtì báńkì ti oṣù kan, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ bá mi wò ó, PDF lásán. Kí ni ọmọ yìí fi dá a lóhùn? "Ẹ má ṣèyọnu mà, físà yín máa jáde, owó tó ń wọlé pọ̀." Físà wo? Ta ló dárúkọ físà? Mo ní kí n kọ èyí kí inú tó ń bí mi lè rọ̀.

1. Ẹ má bá èèyàn ro ohun tí kò sọ. Ẹni tó fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ láìsọ̀rọ̀ lè máa wá owó yá, ó lè máa bá báńkì jà, ó lè jẹ́ pé owó tó kù ńlẹ̀ ló yà á lẹ́nu. Ohun tó wà nínú ìwé ni kẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

2. Ẹ má sanwó ápù tó ń bá èèyàn ka sítétímẹ́ǹtì nígbà tẹ́ ò tíì mọ̀ ọ́n kà fúnra yín.

3. Ẹ má ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀ kẹ́ ẹ wá pè é ní ọjà tí wọ́n tà. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká fi ti àná ṣe é. Áńtí tó ń ta léèsì ní Balógun ni, mo ti yí iye owó ẹ̀ padà kó má bàa dá ara ẹ̀ mọ̀ níbí, mo sì ti gé kọ́bọ̀ dànù.

Owó tó wà ńlẹ̀ nígbà tóṣù bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 180,000, èyí tó wọlé 2,640,000, èyí tó jáde 2,705,000, èyí tó kù 115,000. Ìṣirò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ ro ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tó wọlé, kẹ́ ẹ yọ èyí tó jáde, ṣé ó bá tìparí mu? Tí kò bá bá a mu, ojú ewé kan ti sọnù, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ti yí nǹkan padà nínú ìwé náà, ẹ má sì tíì sọ nǹkan kan títí dìgbà tí wọ́n bá fi odindi ẹ̀ ránṣẹ́. Tiẹ̀ pé.

Ó wá ku 2,640,000 tí ọmọ mi rí tó ń pariwo físà. Mílíọ̀nù kan nínú ẹ̀, orúkọ áńtí fúnra ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, àkáǹtì ẹ̀ kejì ló ti gbé e wá. Èèyàn mẹ́rìnlá san 30,000 kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta oṣù, 420,000 nìyẹn, ẹ̀ báà má béèrè, ẹni tó bá dàgbà l'Ékòó mọ̀ pé àjọ nìyẹn, nígbà tó sì di ọjọ́ karùn-ún, 420,000 jáde lẹ́ẹ̀kan náà lọ bá ẹnì kan. 85,000 míì, tíráńsífà tí kò lọ ló padà wálé, ẹ máa rí `RVSL` tàbí `REV` níwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ẹ̀, 1,135,000 ló kù tó lè jẹ́ ọjà. Kò tó ìdajì! Ẹ wá fojú inú wò ó ká ní owó-orí lẹ fẹ́ bá a ṣírò.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé mo gbọ́n, èmi náà ti sọ fún alájọ kan rí pé ọjà ẹ̀ ń tà gan-an, ó ní "ọjà wo?"

₦53.75 tẹ́ ẹ̀ ń rí lẹ́yìn tíráńsífà tó ju 50,000 lọ kì í ṣe olè o, ₦50 ni owó báńkì, ₦3.75 ni VAT. Ẹ má lọ máa fi ìyẹn dẹ́rù ba kásítọ́mà.

Ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn rí, kò rí i. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, POS kan yọ 38,500 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ kan náà, iye kan náà. Mo wo ìsàlẹ̀ títí dé ìparí oṣù, kò sí èyí tó padà, bẹ́ẹ̀ láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní owó POS tó bá há gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ pariwo pé wọ́n ja áńtí lólè o, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló rajà. Ohun tí mo kọ sí i rèé:

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Mo ti rí sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì yín tí nọ́ńbà ẹ̀ parí sí 41. Ìṣirò ẹ̀ pé. Èyí tó jọ owó ọjà nínú ẹ̀ tó 1,135,000, ìyókù kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. POS kan yọ 38,500 lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kẹrìnlá, mi ò rí i kó padà. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ rajà níbẹ̀?"

Ó ní "ẹ̀ẹ̀kan ni! Ohun tí mo ń bá wọn fà látoṣù tó kọjá nìyẹn!" Ẹ ò rí i?

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Kò sí odindi nọ́ńbà àkáǹtì, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú alájọ, mi ò dárúkọ ilé ìwòsàn tó sanwó fún lẹ́ẹ̀mẹta, kò kàn mí. Mi ò sì fi ohùn ránṣẹ́. Nígbà kan mo fohùn ránṣẹ́ sí ìyàwó ilé kan pé "mo rí 150,000 tẹ́ ẹ fún àbúrò yín," ó tẹ̀ ẹ́ síta gbangba nínú ṣọ́ọ̀bù, àṣé àbúrò ọkọ ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ẹni tó ti sọ fún láàárọ̀ pé òun ò ní kọ́bọ̀. Mi ò tún rí obìnrin yẹn mọ́ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi dúdú bo nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó gbé e sínú gúrúùpù, ẹ dákun! Àpótí dúdú tẹ́ ẹ fà sórí PDF, ọ̀rọ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Mo ṣe é rí fún ọkùnrin kan tó fẹ́ rí iṣẹ́ mi, ó fọwọ́ fà á, ó kọ́pì, ó gbé e síbòmíì, ó wá ka nọ́ńbà kásítọ́mà mi sétí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíi kí ilẹ̀ lanu. Bírò fóònù náà ò sàn jù, ẹlòmíì á kàn mú ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà pọ̀ sí i, nọ́ńbà á sì hàn. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ fi han ẹnì kan, ẹ fọwọ́ yín tẹ iye owó náà sínú ìwé tuntun, ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Ẹ má gba pásíwọ́ọ̀dù PDF lórí Wásáàpù tí PDF náà wà, kí wọ́n pè yín lórí fóònù.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ paá rẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wásáàpù nìkan, fáìlì máa ń wà nínú fóònù tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Mo gba fóònù ọmọ mi lánàá láti fi hàn án. Sítétímẹ́ǹtì mọ́kànlá la bá ńbẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀, tèmi ni. Mo fi ránṣẹ́ sí i kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò sọ nǹkan kan.