Bí a ṣe ń lẹ pákó pọ̀ létí láti fi ṣe ojú tábìlì

Ẹni tó bá fẹ́ ojú tábìlì tó fẹ̀ dáadáa kò ní rí pákó kan ṣoṣo tó tó o lọ́jà, àfi kó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tábìlì ìjẹun kékeré kan ni màá fi ṣàlàyé: pákó ọ̀gánwó mẹ́rin, íńṣì 6 ní fífẹ̀, íńṣì 1 ní nínípọn, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn. Tí ìfági bá ti jẹ díẹ̀ lára etí wọn, gbogbo rẹ̀ á kù sí bíi íńṣì 22.

Mo gbà pé pákó yín ti gbẹ, ẹ sì ti fá ojú rẹ̀ méjèèjì. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Bódìjà, tó ṣì wúwo lọ́wọ́, ẹ má ì tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n láàárín kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Pákó tútù tí a bá lẹ̀ pọ̀, ìdí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ là.

Ẹ tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bẹ́ǹṣì, ẹ máa yí wọn títí ilà ara igi á fi bára mu, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù fa igun mẹ́ta ńlá kan la gbogbo wọn kọjá. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ti kún ọwọ́ yín, igun mẹ́ta yìí lẹ máa wò kí ẹ má baà tò wọ́n ní àtòdà.

Ó wá kan etí. Ẹ pa pákó méjì tó máa pàdé dé bí ẹni pàwé dé, kí ojú tí ẹ sàmì sí kọjú síra, ẹ fi fáìsì dì wọ́n mú, kí ẹ fá etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfági gígùn ni kí ẹ lò. Kúkúrú yóò máa tẹ̀lé gegele àti kòtò ara igi ni. Àǹfààní pípa á dé ni pé bí ọwọ́ yín bá tilẹ̀ dagun díẹ̀, bí etí ọ̀kan ṣe dagun sọ́tùn-ún ni tèkejì á dagun sósì, tí ẹ bá sì ṣí wọn, wọ́n á bára mu pẹrẹsẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀kan lé orí ìkejì níwájú fèrèsé, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Ẹ di ti òkè mú ní ìdí kan, kí ẹ rọra tì í síwá sẹ́yìn. Tó bá ń yí lórí àárín, gegele wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sí fáìsì. Ìdí méjèèjì ló yẹ kó máa di ara wọn mú. Bí àárín bá jìn níwọ̀n ìwé kan, mo fara mọ́ ọn. Gegele ni mi ò gbà rárá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á rí àlàfo tí ìka lè mọ̀, wọ́n á ní, "Kíláǹpù á pa á dé." Lóòótọ́ ni, á pa á dé, oníbàárà á sì gbé tábìlì lọ tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ igi tí a fipá fà yóò máa fẹ́ padà síbi tó ti wá. Tí ọyẹ́ bá dé, tí igi sì ń sún kì, ojú ìpàdé yẹn á ya láti ìdí, wọ́n á wá ní gọ́ọ̀mù ni kò dára. Òfin tèmi ni pé kí ẹ to pákó náà ní gbígbẹ, láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí kíláǹpù. Tí ojú ìpàdé kò bá pa dé jálẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ẹ fi ń dé ìgò omi, ẹ padà sídìí ìfági.

Kíláǹpù márùn-ún ló tó fún gígùn yìí: mẹ́ta nísàlẹ̀, méjì lókè, kí wọ́n jìnnà síra ní bíi íńṣì 11. Tí gbogbo wọn bá wà lápá kan, pákó á tẹ̀ kọdọrọ. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn há àárín ẹnu kíláǹpù àti etí pákó, kí agbára rẹ̀ lè tàn kálẹ̀, kó má sì dọ́gbẹ́ sí i lára. Ẹ ta ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fọ̀ sórí páìpù kíláǹpù, torí irin àti gọ́ọ̀mù tútù máa ń fi àbàwọ́n dúdú sára ọ̀gánwó, á sì wọnú. Ẹni tí kò ní kíláǹpù lè kan igi gbọọrọ méjì mọ́ pátákó tó le, kó to pákó sáàárín, kó máa fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì gbá a wọlé látọ̀tún àti òsì.

Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà lèmi ń lò, torí inú ilé ni tábìlì yìí máa wà. Ẹ má bomi là á kí ó lè pọ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, iṣẹ́ wọn kì í pẹ́. Ojú ìpàdé kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, tó nípọn tó íńṣì 1, ṣíbí tíì kan tó kún dáadáa ló ń fẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ, ẹni tó bá ń da ìdajì ife sí i ń fi gọ́ọ̀mù ṣòfò ni. Ẹ dà á bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tẹ́ ẹ títí tí kò fi sí ibì kankan tó gbẹ, kí ẹ fi èyí tó kù lára búrọ́ọ̀ṣì ra etí kejì. Ẹ pa fáànù kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀. Bíi ìṣẹ́jú 5 lẹ ní kí gọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í láwọ̀.

Kíláǹpù àárín lẹ máa kọ́kọ́ yí, ìdajì ni, kí ẹ fi ìka wo ojú ìpàdé. Tí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ gbé àjákù igi lé e, kí ẹ fi òòlù rọra gbá a. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ti ìdí, kí ẹ tó gbé ti òkè lé e. Ẹ máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ yíká. Bí gọ́ọ̀mù bá ti ń yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ jálẹ̀ ojú ìpàdé, ẹ dúró. Bó bá ń ṣàn sílẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí kò bá yọ níbì kan, ebi gọ́ọ̀mù ń pa ibẹ̀, ẹ tú u kíákíá kí ẹ fi kún un. Ẹ wá gbé rúlà irin dábùú lé e: tí àárín bá ga, ẹ dín ti ìsàlẹ̀ kù, kí ẹ fi kún ti òkè.

Ẹ má fi aṣọ tútù nu gọ́ọ̀mù tó yọ. Yóò wọnú igi, fáníìṣì kò sì ní mú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó dà bíi rọ́bà, kí ẹ fi ọ̀bẹ ìkunlé ha á kúrò.

Wákàtí kan tó kí ẹ tó tú kíláǹpù, àmọ́ di ọjọ́ kejì lèmi máa ń fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú u, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí i kí ẹ tó fá ojú rẹ̀, kí ẹ dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn lè kàn án lójú méjèèjì. Omi inú gọ́ọ̀mù ti mú igi wú díẹ̀ níbi ìpàdé. Tí ẹ bá fá a nígbà tó ṣì wú, ó máa sún kì lẹ́yìn tí ẹ ti kùn ún tán, ilà mẹ́ta tó jìn á sì máa yọ lójú tábìlì nígbàkígbà tí iná bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.