Bí mo ṣe dá ìpolówó Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ò yí

Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi láìpẹ́ yìí, ìpolówó ìpara awọ ara tẹ́nìkan ti tú sí Yorùbá, ẹni tó ni ọjà ò gbọ́ Yorùbá rárá, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tóun ní kí wọ́n sọ náà ni wọ́n sọ. Mo wá atúmọ̀ míì tí ò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ yẹn rí, Yorùbá nìkan ni mo fún un pé kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Torí ẹni tó bá ti rí Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ohun tó ti mọ̀ ló máa kọ, kì í ṣe ohun tó wà níwájú ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá wọn tún nǹkan kan ṣe, bí Yorùbá bá ṣe rí ni kó ṣe tú u, tí gbólóhùn kan bá sì ní ìtumọ̀ méjì kó kọ méjèèjì.

Nígbà tó fi ránṣẹ́, mo to Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, Yorùbá, àti Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá sínú tébù kan, ìlà sí ìlà. Ibi ẹ̀dínwó lojú mi kọ́kọ́ dúró sí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ń sọ ni pé 30% ni òpin ẹ̀dínwó, ọjà míì lè má dé bẹ̀. Yorùbá wá kọ "ẹ̀dínwó tó tó 30%", Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá sì ní ẹ̀dínwó ọ̀hún máa pé 30%. Ẹ wò ó, oníbàárà tó bá kà á, tó wá rí i pé 10% ni wọ́n yọ fóun, á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, ẹjọ́ ẹ̀ á sì tọ́. A yí i sí "ẹ̀dínwó lè tó 30%, ó dá lórí ọjà tẹ́ ẹ bá mú".

Ìlà míì wà tí Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá ní ìpara náà ń pa àbàwọ́n rẹ́ pátápátá. Mi ò tíì fọwọ́ kan Yorùbá, mo kọ́kọ́ bi atúmọ̀ kejì pé ọ̀rọ̀ wo ló gbé e débẹ̀. "Ó ń dín àbàwọ́n kù" ló wà níbẹ̀, òun ló kánjú. Yorùbá ò ṣẹ̀, a fi í lẹ̀.

Èyí tó gba àkókò jù ni gbólóhùn orí ìpolówó, "awọ ara yín máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín". Ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ́gí, kò sí ìyàtọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ Yorùbá yẹn gan-an ò dùn létí, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Iṣẹ́ dídápadà ò lè mú irú ẹ̀, torí bí wọ́n bá ṣe tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ló ṣe máa bá ara ẹ̀ mu tó. Mo fi Yorùbá nìkan han àwọn méjì tó ń sọ ọ́ nílé, kò dùn létí àwọn méjèèjì náà. A kọ "ẹ fi para, kára yín máa dán", mo wá kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú tébù pé a mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lára Gẹ̀ẹ́sì níbí ni, àti ìdí ẹ̀, kí ẹni tó ni ọjà má bàa rò pé àṣìṣe ni.