Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń ka káàbù lára páálí oúnjẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka káàbù, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tó máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má kàn wo nọ́ńbà káàbù kẹ́ ẹ wá gbé páálí sílẹ̀. Ìjẹ kan péré, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní “serving” lára páálí, ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú páálí.

Àǹtí mi tó ń gún ínsúlíìnì ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó. Ó ra bisikíìtì, ó yí i wo lẹ́yìn, ó rí i pé káàbù ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 21. Dókítà ẹ̀ ti ní kó máa gún yúníìtì 1 fún gíráàmù 10 káàbù, ló bá gún 2, ó jókòó, ó jẹ bisikíìtì 8. Nígbà tó fi máa tó wákàtí méjì ṣúgà ẹ̀ ti ròkè, ó ní àfi kó jẹ́ pé ínsúlíìnì yẹn ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Mo gba páálí yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo rí i lókè lébẹ̀lì, kó tó di pé wọ́n kọ káàbù rárá, pé ìjẹ kan jẹ́ bisikíìtì 3, tó wọn gíráàmù 30, àti pé ìjẹ 5 ló wà nínú ẹ̀. Gíráàmù 21 yẹn, ti bisikíìtì 3 ni! Ẹ pín 21 sọ́nà 3, bisikíìtì kan jẹ́ 7, ẹ wá fi 8 tó jẹ sọ 7 di púpọ̀, 56 nìyẹn. Ínsúlíìnì tó gún ò ju ti gíráàmù 20 lọ, gíráàmù 36 tó kù ló gbé ṣúgà ẹ̀ sókè yẹn.

Ẹ má sì ṣe òdìkejì ẹ̀. Àwọn kan máa rí ìjẹ 5 yẹn, wọ́n á fi sọ 21 di púpọ̀, wọ́n á gún ínsúlíìnì fún 105, bẹ́ẹ̀ bisikíìtì 3 ni wọ́n máa jẹ. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ṣúgà máa já wálẹ̀, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò yín, ojú á sì máa ṣú. Ohun tẹ́ ẹ bá jẹ lẹ máa kà. Iye ìjẹ inú páálí wúlò tó bá jẹ́ pé ẹ jẹ ẹ́ tán, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìdajì páálí jẹ́. Àwọn lébẹ̀lì míì tiẹ̀ máa ń ní òpó méjì, ọ̀kan fún ìjẹ kan, ìkejì fún odidi páálí, ẹ wo àkọlé òpó dáadáa.

Gíráàmù 30 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjẹ kan ńkọ́? Ìwọ̀n bisikíìtì náà nìyẹn, kì í ṣe káàbù. Ṣúgà náà wà nílà tiẹ̀ nísàlẹ̀ káàbù, bóyá wọ́n kọ 6. Ẹ má ka 6 yẹn nìkan, ẹ má sì fi kún 21, inú 21 ló wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun inú ẹ̀ náà máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti oúnjẹ tí kò ṣeé kà níkọ̀ọ̀kan ló tún wá ta kókó, bíi sírìà. Abọ́ kan kì í ṣe ìjẹ kan o. Ká ní lébẹ̀lì sọ pé ìjẹ kan jẹ́ gíráàmù 40 tí káàbù ẹ̀ sì jẹ́ 30, ẹ bu iye tẹ́ ẹ máa ń bù, kẹ́ ẹ gbé e sórí síkéèlì kẹ́ ẹ tó da mílíìkì sí i, ẹ má ka ti abọ́ mọ́ ọn. Èmi gbé tèmi, mo bá 80. Ìjẹ méjì nìyẹn, káàbù 60, mílíìkì sì tún ní tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú mi mo ti rò pé ó kéré. Tó bá jẹ́ pé lébẹ̀lì tiyín, gíráàmù 100 ni wọ́n fi ṣírò, ẹ fi iye tí síkéèlì sọ sọ káàbù di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sọ́nà 100.

Ní báyìí, tí àǹtí mi bá ti ra bisikíìtì, kó tó já a rárá, báírò ló máa kọ́kọ́ mú, á kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí: ẹyọ 1, káàbù 7.