Oorun Bàbá Kékeré: Ohun Tí Àwọn Àǹtí Kíréṣì Máa Ń Bi Wá

“Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó gan-an ni ọmọ yín ń sùn?”

Àǹtí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹnì kẹta tí mo máa dáhùn eléyìí fún, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù 8 ni Bàbá Kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń sùn lọ́sàn-án: nǹkan bí aago 9:00 àárọ̀ àti aago 1:30 ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé aago ara ògiri. Ìgbà tó jí gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa kà. Bó bá ti tó wákàtí 2 àti ààbọ̀ tó ti lajú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀. Bó bá fi lè pé wákàtí 3 tí kò tíì sùn, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara yín.

“Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ń sunkún.”

Ẹ wo ìlédìí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ebi ni. Ẹ bọ́ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kúrò. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bó bá ń làágùn, ooru ló ń mú un, ẹ ṣí fèrèsé. Gbogbo èyí kò gba ìpè fóònù.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé oorun ń kùn ún? Kì í yán.”

Ó ń yán, àmọ́ kó tó yán, ó ti pẹ́ jù. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ẹnu rẹ̀ máa dákẹ́. Ọmọ tó ti ń pariwo látàárọ̀ á ṣàdédé pa rọ́rọ́, á tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tó ń ronú owó ilé. Tí ẹ bá na ohun ìṣeré sí i, á yí ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí ọ̀tún. Etí náà ò ro ó, a ti gbé e lọ fún dókítà wò. Àsìkò tó ń fa etí yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn ọmọ yòókù, kẹ́ ẹ fi aṣọ fèrèsé bo ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ pe oríkì rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá ti di pé ó ń fọwọ́ ra ojú, tó ń ki imú bọ àyà yín, ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá wá ń ta ara sẹ́yìn lọ́wọ́ yín, ẹ ti pẹ́ gan-an.

“Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta kìtì. Ẹni tó ń sùn lọ nìyẹn?”

Òun ni. Ẹ̀rín yẹn ti tan gbogbo wa, títí kan ìyá mi tó tọ́ ọmọ márùn-ún. Ọmọ tí àsìkò oorun rẹ̀ ti kọjá, ara rẹ̀ máa ń yá gágá sódì ni: á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, á máa fò, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Tí ẹ bá bá a ṣeré síwájú sí i, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, oorun tó bá wá sùn kì í ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ dákẹ́, ẹ máa rìn.

“Lọ́jọ́ kan á sùn wẹ́rẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ kejì kò ní sùn rárá. Mi ò sì yí ohunkóhun padà.”

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí tó ṣáájú yín máa ń pè mí ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráídeè pé ọmọ kọ̀, kò sùn. Ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ó sùn wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé eyín ló ń hù. Eyín wo ló ń mọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀? Mo yí ògì rẹ̀ padà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Àǹtí yẹn jà, mo rò pé ó ń gbàgbé ọmọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà tí mo jókòó tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ni mo rí i: ọjọ́ mẹ́ta tí kò sùn yẹn, bàbá rẹ̀ ló gbé e wá. Èmi máa ń gbé e wá láti Sángo sí Tánkẹ̀, mo máa ń kọrin fún un nínú kẹ̀kẹ́, mo máa ń fi àwọn ọ̀kadà hàn án. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀, àyà ló máa ń gbé e lé, á dákẹ́ sùẹ̀. Mo bi í pé ṣé ọmọ máa ń sùn nínú kẹ̀kẹ́. Ó ní, “Kì í sùn o, ó kàn ń tòògbé díẹ̀ ni.”

Òògbé díẹ̀! Ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Ọmọ jí ní 6:15. Ó tòògbé nínú kẹ̀kẹ́ láti 7:35 sí 7:50. Àǹtí tẹ́ ẹ ní aago 9:00, ó ti lajú fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 péré lẹ́yìn òògbé yẹn, ó bú sẹ́kún. Àǹtí gbà pé kò fẹ́ sùn lónìí, ó fi í sílẹ̀ láti máa ṣeré. Ní nǹkan bí 9:50, ó dákẹ́, ó fa etí. Kò sẹ́ni tó rí i. Ní 10:30, ẹ̀rín àti fífò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 11:00, ó sunkún títí ó fi sùn, ó sì jí ní 11:30 pẹ̀lú ìbínú. Oorun ọ̀sán náà bàjẹ́ tẹ̀ lé e.

Òògbé kékeré yẹn kò tó oorun, ṣùgbọ́n ó tó láti mú ìdajì oorun kúrò lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé, “Ṣé ó pajú dé lójú ọ̀nà?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tẹ́ ẹ ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ ka wákàtí 2 láti ìgbà tó jí nínú kẹ̀kẹ́, torí òògbé kò lè gbé e tó wákàtí 2 àti ààbọ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ tó máa dákẹ́. Látìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìpè Mọ́ńdè ti dáwọ́ dúró. Bàbá rẹ̀ ṣì ń sọ pé òògbé ni.

“Tí mo bá ti tú ọ̀já, ojú rẹ̀ á là.”

Ẹ máa ń yára jù. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 10 tàbí 15, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rọ̀ tí á máa jábọ́ tí ẹ bá gbé e sókè. Ìdí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ẹní, kí orí kàn án gbẹ̀yìn. Kí ọwọ́ yín sì wà láyà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó fi lélẹ̀ nígbà gbogbo, kò gbọdọ̀ da ikùn délẹ̀. A ò fẹ́ ìrọ̀rí, a ò fẹ́ aṣọ nínípọn, a ò fẹ́ ìgò oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tó ń sùn.

“Ṣé kí n fún un ní oògùn ikọ́ díẹ̀, kó lè sùn?”

Rárá. Ẹnì kan bi wá rí, a kò padà mú ọmọ lọ síbẹ̀ mọ́.

“Ó ti sùn kọjá wákàtí méjì. Ṣé kí n jí i?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ká aṣọ fèrèsé kúrò kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ bọ́ ìlédìí rẹ̀. Á bínú díẹ̀, á sì gba omi ọyàn tí mo fún sínú ìgò. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn kọjá aago 4:00 ìrọ̀lẹ́, torí èmi ni mo máa bá a ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n tó bá ṣòro láti jí, tó bá jí tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tó kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, oorun ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má fi omi tútù wọ́n ọn, ẹ má dúró de àgbà kankan láti wá wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kẹ́ ẹ máa pè wá lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà àwa méjèèjì wà lẹ́yìn ìwé yìí.