Bí A Ṣe Ń Gba Ahá Ẹmu Lọ́wọ́ Àgbà Láì Mu Ún

Èmi kì í mutí, Ìjerò-Èkìtì ni mo sì ti fẹ́ ìyàwó. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá a lọ síbi ìsìnkú àgbà kan nílé wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bu ẹmu sínú ahá tó nà án sí mi lójú gbogbo ẹbí. Mo yáa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, oògùn ibà ni mò ń lò." Irọ́ ni mo pa. Bàbá ní kò burú, pé ẹmu àárọ̀ yìí ni, kò tíì kan, oògùn gan-an ni fún ibà. Mo tún wá irọ́ mìíràn. Nígbà tí a fi máa dìde, ojú ti ìyàwó mi, bàbá náà ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà tí a tún padà lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ibà yẹn ò tíì lọ.

Ìyàwó mi ló là mí lóye. Kì í ṣe àìmu ẹmu ló dun bàbá. Ohun tó dùn ún ni pé ó nawọ́ sí àna rẹ̀, ahá sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹmu tí àgbà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù fún àlejò, ìkíni káàbọ̀ ni. Ẹ lè gba ìkíni náà kí ẹnu yín má kan ẹmu inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń tò ó.

Kí ahá tó dé

Níbi tí wọ́n bá ti ń mu ẹmu, ẹnì kan ló ń bù ú, ọ̀dọ́ ilé ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló jókòó ti kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a kí ẹ tó wá ìjókòó. Ẹ rọra sọ fún un pé, "Àbúrò, èmi kì í mu ẹmu o. Tó bá kàn mí, jọ̀ọ́, fún mi ní mọ́ọ̀tì tàbí omi." Bí ẹ bá mọ ìyá kan nínú ilé náà, ẹ sọ fún òun náà, torí àwọn ìyá ló ń rán ọmọ sí ibi tí mọ́ọ̀tì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ìgò tàbí ife ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ òfìfo ni gbogbo ojú ń wò, òun náà ni wọ́n sì ń bu ẹmu fún. Bí ìgò ni ẹ gbà, ẹ fúnra yín ni kí ẹ ṣí i. Bí ẹ bá dìde lọ sọ́nà ijó tí ẹ fi ife sílẹ̀, ẹ má padà mu ún, ẹ gba òmíràn. Mo ti rí ibi tí ọ̀rẹ́ ti da ògógóró sínú mọ́ọ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè é ní eré, ara ẹni tó mu ún ò sì yá rárá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àgbà bá nawọ́

Ní ìgbà kẹta tí mo dé Ìjerò, bí mo ṣe ṣe é nìyí. Bàbá na ahá. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Wọ́n ní, "Àmín." Ìgbà tí àmín ti jáde ni mo tó wí pé, "Bàbá, èmi kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n mo ti gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àbúrò ìyàwó mi bá mi mu ún." Mo nà án sí ọmọkùnrin tó jókòó tì mí, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó mu ún tán. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wá mọ́ọ̀tì fún àna òun.

Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ìkúnlẹ̀ ni. Ọpẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àdúrà á tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ àìmu tó dé. Bí ẹ bá ti "mi ò mu" ṣáájú, etí tó gbọ́ ọ ò ní gbọ́ ọpẹ́ tó wà lẹ́yìn. Ẹ má tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ẹlòmíràn. Ẹni tó kéré sí yín ni kí ẹ nà án sí, ẹ má nà án sí ẹni tó jù yín lọ. Ẹ má dà á sílẹ̀ pẹ̀lú, torí títa ọtí sílẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀, àwọn àgbà ló sì mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe é.

Bí wọ́n bá tún rọ̀ yín

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń rọ ènìyàn, torí pé ẹni tí kò bá rọ àlejò dà bí ahun. Gbólóhùn kan náà ni kí ẹ tún sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà: "Ẹ ṣeun, bàbá, èmi kì í mu ún." Ẹ má fi ìdí kejì kún un. Ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, èsì wà fún un lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ á sì di àríyànjiyàn. Lẹ́yìn gbólóhùn náà, ẹ béèrè nǹkan nípa ẹni tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ fún. Àgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn olóògbé ti gbàgbé ahá.

Èsì tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé ẹmu tútù ò ní ọtí nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí omi ọ̀pẹ bá ti kán sínú akèrègbè ni ó ti ń kan, láàárín wákàtí mélòó kan ọtí ti wọ inú rẹ̀, ó sì ń le sí i títí di alẹ́. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí, tàbí tó ń lo oògùn bíi Fílájììlì tí ìkìlọ̀ ọtí wà lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé ọkàn lé ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní láti bá bàbá jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ má sì purọ́ èèwọ̀. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, nítorí náà ẹni tí kì í mu ún kì í ṣe àjèjì lójú wọn. Èèwọ̀ tí kì í ṣe tiyín, wọ́n á bi yín ní orírun rẹ̀, ẹ ò ní rí i sọ.

Ọtí àdúrà

Níbi ìsọmọlórúkọ, ọtí tí wọ́n fi ṣàdúrà, ṣìnáàpù tàbí ògógóró, máa ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èyí rọrùn ju ti ẹmu lọ, torí àdúrà ni wọ́n ń pín. Ẹ gba ife náà, ẹ dárúkọ ọmọ, ẹ ṣe àdúrà kan fún un sókè kí gbogbo ilé gbọ́, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì nà án sí ẹni tó kàn. Ìgbà tí ife bá kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò mu.

Níbi iṣẹ́

Nígbà tí a bá ń ṣe ìdágbére fún ẹni tó fẹ̀yìn tì ní Adó-Èkìtì, ìgò bíà ló máa ń wà lórí tábìlì, àwọn ẹgbẹ́ ẹni ló sì ń fúnni lágídí ju ọ̀gá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ wọlé tọ ọ̀gá lọ, ẹ ní, "Ọ̀gá, èmi kì í mutí, mọ́ọ̀tì ni màá gbé sókè nígbà tí a bá ń kí bàbá." Bí ọ̀gá bá ti gbọ́ ọ ṣáájú, òun ló máa dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá pariwo orúkọ yín. Bí ẹ bá máa wakọ̀ padà sí Ìkọ̀lé lálẹ́, ẹ sọ ìyẹn náà, àmọ́ ẹ sọ ọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́.