Bí a ṣe ń mọ ibi tí ìdọ́gba kẹ́míkà máa fì sí, láìméfò

Bí ìbéèrè bá ní kí o sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí a bá fún gáàsì pọ̀, tàbí tí a bá gbé e sínú omi gbígbóná, òfin Le Chatelier ti ọdún 1884 ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń rántí: tí a bá da ìdọ́gba láàmú, yóò fì sí ìhà tí yóò dín ìdààmú náà kù. Òótọ́ ni òfin náà. Àmọ́ kò sọ bí ìdààmú náà ṣe máa dín kù tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìṣirò kékeré kan wà tó ń sọ ìhà tí ìdọ́gba máa fì sí, tó sì tún ń sọ ibi tó máa dúró. Gáàsì kan ṣoṣo la máa fi ṣe é látòkè délẹ̀:

N₂O₄ ⇌ 2NO₂

N₂O₄ kò ní àwọ̀ rárá. NO₂ pupa rúsúrúsú. Ìdí nìyẹn tí a fi yàn án: ojú lásán lè rí ibi tí ìdọ́gba fì sí. (Májèlé ni NO₂. Inú túùbù tàbí sìríǹjì tí a ti dí pa ni kí o ti máa wò ó, má ṣe fa á símú.)

Kọ́kọ́ fi ohun kan sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ "ìdọ́gba" yìí lè tan ni. Kì í ṣe iye gáàsì méjèèjì ló dọ́gba. Ìyára lílọ àti ìyára bíbọ̀ ló dọ́gba: bí N₂O₄ ṣe ń pín sí méjì ni NO₂ méjì ń so pọ̀ padà, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, iye tó wà nílé kò sì yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ K, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìdọ́gba wà, sílẹ̀. Àmì [ ] dúró fún ìki, ìyẹn iye mólù tó wà nínú lítà kan. Ohun tó wà lọ́tùn-ún lókè, ohun tó wà lósì nísàlẹ̀, kí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ sì di agbára orí rẹ̀:

K = [NO₂]² ÷ [N₂O₄]

Níwọ̀n ìgbà tí ìgbóná kò bá yí padà, K kì í yí padà. Kí ìṣirò wa lè rọrùn, ká mú K = 0.005, kí N₂O₄ jẹ́ mólù 0.020 nínú lítà kan, kí NO₂ sì jẹ́ 0.010. Yẹ̀ ẹ́ wò: 0.010 lọ́nà 0.010 jẹ́ 0.0001, pín in sí 0.020, ó di 0.005. Ìdọ́gba ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣe ìyípadà náà, kí o sì ṣírò Q kí ohunkóhun tó sún. Q àti K, ọ̀nà kan náà la fi ń ṣírò wọn, àmọ́ iye tó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí a da nǹkan láàmú la fi ń ṣírò Q. Tí Q bá ju K lọ, ohun ọ̀tún ti pọ̀ jù, yóò fì sí òsì. Tí Q bá kéré sí K, yóò fì sí ọ̀tún. Tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ohun tó máa sún.

Ká wá fún sìríǹjì náà pọ̀ títí àyè inú rẹ̀ fi di ìdajì. Iye mólékù kò tíì yí padà, àyè ló dínkù, nítorí náà ohun gbogbo ki ní ìlọ́po méjì: N₂O₄ di 0.040, NO₂ di 0.020. Q = 0.0004 ÷ 0.040 = 0.010. Ó ju K lọ, yóò fì sí òsì. Wo ìdí rẹ̀ dáadáa: NO₂ ni a sọ di ìlọ́po méjì lábẹ́ agbára méjì, òkè fi ìlọ́po mẹ́rin dàgbà, ìsàlẹ̀ fi méjì péré. Ohun tí ìwé ń pè ní "ìhà tí mólù gáàsì ti kéré" kò ju èyí lọ. Ká ní mólù gáàsì dọ́gba ní ìhà méjèèjì, bíi ti H₂ + I₂ ⇌ 2HI, òkè àti ìsàlẹ̀ ì bá jọ dàgbà bákan náà, ìfúnpá kò sì ní sún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wá ibi tó máa dúró. Jẹ́ kí N₂O₄ fi x pọ̀ sí i; NO₂ á fi 2x dínkù, torí méjì ló ń so pọ̀ di ọ̀kan:

(0.020 − 2x)² ÷ (0.040 + x) = 0.005

Tí o bá tú u, x jẹ́ nǹkan bíi 0.0027. NO₂ wá dúró sí 0.0146, N₂O₄ sí 0.0427.

Dúró lórí 0.0146 yẹn. Ó kéré sí 0.020, òótọ́ ni pé ìdọ́gba fì sí òsì. Ṣùgbọ́n ó ṣì ju 0.010 àtijọ́ lọ. Ìdọ́gba dín ìdààmú náà kù. Kò pa á rẹ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "NO₂ yóò kéré sí ti tẹ́lẹ̀ nínú lítà kan" ti pàdánù máàkì rẹ̀, bó tiẹ̀ mọ̀ pé òsì ló fì sí.

Ojú náà jẹ́rìí sí i. Tí o bá wo sìríǹjì náà láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú gan-an, á sì ṣí díẹ̀, síbẹ̀ á ṣì dúdú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Tí o bá wò ó láti orí, lọ́nà gígùn rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ti di ìdajì, nítorí náà 0.0146 yẹn á rí bíi 0.0073, á sì ṣí ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè wo sìríǹjì kan náà kí wọ́n máa jiyàn.

Ti ìki kò le. Fi NO₂ kún un láìyí àyè padà: òkè ga, Q ju K lọ, ó fì sí òsì. Fi N₂O₄ kún un: ìsàlẹ̀ ga, Q wálẹ̀, ó fì sí ọ̀tún.

Ágọ́ọ̀nù, gáàsì tí kì í bá N₂O₄ tàbí NO₂ ṣe nǹkan kan, ló máa ń dẹ pańpẹ́. Tí a bá fún un sínú ìgò líle tí àyè rẹ̀ kò lè yí padà, ìfúnpá gbogbo ìgò náà á ga, àmọ́ [NO₂] àti [N₂O₄] wà bí wọ́n ṣe wà, Q ṣì jẹ́ K, kò sí ohun tó sún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ sìríǹjì tí ọ̀pá rẹ̀ lè sún sẹ́yìn kí ìfúnpá má yí padà, àyè á gbòòrò, gáàsì wa á fẹ́lẹ́, á sì fì sí ọ̀tún. Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dáhùn.

Ìgbóná yàtọ̀ pátápátá. Nínú gbogbo ohun tó wà lókè, Q la fọwọ́ kàn, K dúró. Tí ìgbóná bá yí padà, K fúnra rẹ̀ ló sún. Pípín N₂O₄ sí méjì ń gba ooru, nǹkan bíi 57 kJ fún mólù kan, nítorí ìdè tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ já. Nítorí náà tí ó bá gbóná, K ga. Q tó wà nílẹ̀ wá kéré sí K, ó fì sí ọ̀tún. Gbé túùbù tí a dí pa sínú omi gbígbóná, á dúdú. Gbé e sínú omi yìnyín, á ṣí títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Tí ooru bá ń jáde lọ́tùn-ún ni, bíi ti N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃, ìdàkejì rẹ̀ ni: ìgbóná ń fa K wálẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe fi 0.005 ti àtẹ̀yìnwá ṣírò túùbù tó wà nínú omi gbígbóná. Tí ìbéèrè kò bá fún ọ ní K tuntun, ìhà tó fì sí nìkan lo lè sọ, kò sí nọ́ńbà tí o lè kọ.