Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà láti tọrọ àfikún ọjọ́ àwìn lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ọjà fún wa

San gbèsè tó wà nílẹ̀ ná. Lẹ́tà tó bá gbèsè àtijọ́ lórí tábìlì ọ̀gá, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ń lọ.

Iye ọjà tí a máa ṣèlérí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń pín ọṣẹ ìfọṣọ fáwọn onísọ́ọ̀bù n'Íbàdàn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó gba páálí 210, 50, 150 àti 70. Bí ẹlòmíì bá fẹ́ kọ lẹ́tà, 210 yẹn ló máa rí, á ní òun á máa gbà á lóṣooṣù. Oṣù kejì ni ojú á tì í. Má wo ohun tí o gbà, ohun tí o tà ni kí o wò. Ìwé ìtajà ọkùnrin wa yìí fi hàn pé ọ̀sẹ̀ tí ọjà kò yá jù, ó ta páálí 26. Nítorí náà, 25 lọ́sẹ̀ ni kó ṣèlérí, kò gbọ̀dọ̀ fi ẹyọ kan lé e. Ìwé olówó pọ́ọ́kú tí mò ń fi pẹ́ńsù kọ ni mo fi ń ṣírò tèmi. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀, kó ka rìsíìtì tó já fáwọn oníbàárà.

Iye ọjọ́ náà ní ìṣirò tiẹ̀. Ọjọ́ 7 lọjà fi ń tán, àwọn onísọ́ọ̀bù ń sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ọjọ́ 17 nìyẹn. Tọrọ 21, má tọrọ 30. Kí o sì kọ ọ́ kedere pé ọjọ́ tí ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ni kíkà bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n lè kọ ìwé owó lónìí kí mọ́tò má dé títí di ọjọ́ karùn-ún. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Gbèsè rẹ ni ọ̀gá á kọ́kọ́ ronú sí, torí náà bá a ṣírò ẹ̀ kó tó ṣe é. Bí páálí kan bá jẹ́ ₦10,000, páálí 210 tí a kó lẹ́ẹ̀kan jẹ́ gbèsè ₦2,100,000. Páálí 25 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ju ₦750,000 lọ. Mo máa ń kọ ọ́ báyìí:

“Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ 21 dípò 7, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ wa. A ó máa gba páálí 25 ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Gbèsè wa kò ní ju ₦750,000 lọ nígbàkigbà. Ẹ fi oṣù mẹ́ta dán wa wò. Bí a bá pẹ́ san lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá wa padà sí ọjọ́ 7.”

Ojú ìwé kan ti tó. Gbé e lọ fúnra rẹ, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi gbà, má tíì yí ọjọ́ ìsanwó rẹ padà.